Ìgò Tó Di Ọmú: Bí Ọmọ Ewúrẹ́ Aláìníyàá Ṣe Ń Yè ní Ìbàfò

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, ariwo ọkọ̀ sì ti gba òpópónà Èkó sí Ìbàdàn kan. Ní ẹ̀yìnkùlé kan ní Ìbàfò, tí kò jìnnà sí títì náà, ìyá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún jókòó sórí àpótí ìdáná. Fídà ọmọdé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dojú rẹ̀ dé, ó kán wàrà inú rẹ̀ sí ọrùn ọwọ́, ó sì mi orí.

"Ọwọ́ tó ti gbé ìkòkò gbígbóná láti kékeré ni ọwọ́ mi yìí. Irọ́ ló ń pa fún mi," ló wí. Ó ké sí ọmọ-ọmọ rẹ̀: "Gbé tẹmọ́mítà wá."

"Ẹ gbà á, Màmá." Ọmọ náà ki ẹnu tẹmọ́mítà bọ inú wàrà, wọ́n sì dúró títí ó fi dún. Nọ́ńbà tó jáde ni 39.4. Ìgbà náà ni ìyá tó ṣí àpótí igi tó wà lẹ́bàá ògiri. Ọmọ ewúrẹ́ méjì ni wọ́n jọ sá jáde, akọ kan àti abo kan. Kò sí èyí tó wúwo tó búrẹ́dì ńlá méjì nínú wọn.

Ọkọ̀ ló pa ìyá wọn. Alẹ́ ni ó bímọ, ó sì jáde lọ wá koríko ní ìdájí ọjọ́ kejì. Kò padà. Irú ikú yìí kò ṣàjèjì sí àwọn tó ń sin ẹran káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, nítorí títì ti la àárín ilé kọjá, ewúrẹ́ kò sì mọ ìgbà tí ọkọ̀ ń bọ̀.

Ọ̀nà tí ọmọ ẹran ń gbà di aláìníyàá kò mọ síbẹ̀. Òmíràn, ìyá rẹ̀ kú nígbà ìrọbí. Òmíràn, ọmú ìyá rẹ̀ le, ó wú, kò ṣeé mu. Ewúrẹ́ ilẹ̀ wa, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, sábà máa ń bí ìbejì, nígbà mìíràn ìbẹta, wàrà rẹ̀ kò sì pọ̀. Àwọn méjì tó lágbára á mu, ẹ̀kẹta á dúró ṣánṣán. Ní ọjà ẹran Kárà, létí odò Ògùn níwájú Ìbàfò bí a bá ń lọ sí Èkó, àwọn oníṣòwò sọ pé àgùntàn olóyún ti bímọ rí nínú ọkọ̀ tó ń kó wọn bọ̀ láti Òkè Ọya, tí ọmọ sì dá wà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe nírú àsìkò yìí ni pé kí wọ́n ra mílíìkì. Ìyá Ìbàfò náà ra mílíìkì ní èṣí, nígbà tí ọmọ ewúrẹ́ kan kọ́kọ́ ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Ọmọ náà mu ún, ó yó, ó ta pọ́n-ún pọ́n-ún kiri. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó kú. "Mo rò pé mílíìkì kò bá a lára mu ni," ló sọ. Kì í ṣe mílíìkì. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ ni.

Wàrà tí owó kò lè rà

Kí á tó dé orí mílíìkì, ohun kan wà tó ṣáájú rẹ̀. Wàrà àkọ́kọ́ tó ń jáde lọ́mú ìyá lẹ́yìn ìbímọ ki, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Inú rẹ̀ ni ààbò ara wà. Ọmọ ènìyàn ń gba lára ààbò yìí nínú oyún, ṣùgbọ́n ti ewúrẹ́ àti àgùntàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi ọmọ wọn kò jẹ́ kí ó kọjá. Òfìfo ni ọmọ wọn ń bọ̀ sáyé, ọmú nìkan ló sì lè dí òfìfo náà.

Ìfun ọmọ náà kì í ṣí sílẹ̀ fún ààbò yìí títí. Wákàtí mẹ́fà àkọ́kọ́ ló ń gbà á jù lọ. Nígbà tí ọmọ bá fi máa pé ọjọ́ kan, ilẹ̀kùn náà ti tì.

Dókítà ẹran kan tó ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè náà fún wa ní ìṣirò tó rọrùn: mìlílítà 50 fún kílò kan ara ọmọ lẹ́ẹ̀kan, ìgbà mẹ́rin láàárín ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ti àkọ́kọ́ má kọjá wákàtí méjì lẹ́yìn ìbí. Àwọn ọmọ ewúrẹ́ Ìbàfò yìí wọn kílò 1.3 àti kílò 1.1 nígbà tí wọ́n kó wọn sínú àpò, tí wọ́n fi wọ́n kọ́ sórí òṣùwọ̀n. Akọ nílò mìlílítà 65 lẹ́ẹ̀kan, abo nílò 55.

"Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti mu lára ìyá wọn lóru," ni ìyá náà sọ fún dókítà.

"Màmá, ṣé ẹ rí wọn níbi tí wọ́n ti ń mu ún?"

"Rárá o."

"Tí ẹ kò bá rí i, ẹ gbà pé wọn kò mu ún."

Ewúrẹ́ aládùúgbò kan bímọ ní ọjọ́ kan ṣáájú. Wọ́n bẹ olówó rẹ̀, wọ́n sì fún wàrà díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ tirẹ̀ ti mu. Bí wàrà irú èyí bá tutù, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni a ń ki ìgò rẹ̀ bọ̀. A kì í gbé e ka iná, nítorí iná á ba ààbò inú rẹ̀ jẹ́. Àwọn kan máa ń po ẹyin, epo àti ṣúgà mọ́ mílíìkì dípò rẹ̀. Àdàlù náà lè fún ọmọ lágbára díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ààbò kankan nínú.

Ọmú kì í tutù

Bí ọmọ bá ti kọjá ọjọ́ àkọ́kọ́, ìgò ló di ọmú. Ó yẹ kí á bi ara wa pé kí ni ọmú ń ṣe tí ìgò gbọ́dọ̀ ṣe. Àkọ́kọ́ ni pé wàrà ọmú kò gbóná lónìí kó tutù lọ́la. Ìgbóná ara ìyá ni ìgbóná rẹ̀.

Ẹni tó bá ti rí àwọn Fúlàní tó ń ṣe wàrà yóò lóye ìdí rẹ̀. Wọ́n á mú wàrà lọ́wọ́ọ́wọ́ lórí iná, wọ́n á fi omi ewé bọmubọmu sí i, á sì dì. Bí iná bá kéré, dídì rẹ̀ á falẹ̀, kò ní dára. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń lọ nínú ikùn kẹrin ọmọ ewúrẹ́. Oje ikùn náà ló ń ṣe iṣẹ́ bọmubọmu. Wàrà á dì, á sì máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ lọ sínú ìfun. Wàrà tó tutù kì í dì dáadáa lásìkò, ara ọmọ kékeré á sì kọ́kọ́ ná agbára tirẹ̀ láti mú un gbóná.

Èyí tó gbóná jù burú bákan náà. Ó ń bó ọmọ lẹ́nu àti ọ̀nà ọ̀fun, ọmọ tó bá sì ti jóná lẹ́ẹ̀kan lè kọ ìgò pátápátá. Ìwọ̀n tó tọ́ ni dígírì 39 sí 40 nígbà tí ọmọ bá ń mu ún.

Tẹmọ́mítà ibà tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn tó fún iṣẹ́ yìí. Bí wàrà bá gbóná ju ohun tó lè kà lọ, yóò kọ H tàbí Hi. Bí ó bá tutù jù, yóò kọ L tàbí Lo. Ẹ ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún wàrà, kí òmíràn wà fún ìdí ẹran.

Nínú ilé tí kò sí iná mànàmáná, pípo omi kò le. Ife kan omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, àti ife mẹ́ta omi tí a ti sè tẹ́lẹ̀ tó ti tutù dé ìwọ̀n ìgbóná inú ilé, yóò fún wa ní omi tó súnmọ́ dígírì 47. Mílíìkì àti ìgò á gba díẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí a bá fi pò ó tán, á máa súnmọ́ 40. Tẹmọ́mítà ni yóò sọ ìgbà tó débẹ̀.

Àwọn oko kan ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń fún ọmọ àgùntàn ní wàrà tútù láti inú báàkẹ́ẹ̀tì onírọ́bà púpọ̀, ó sì ń bá wọn lára mu. Ìdí ni pé ọmọ kì í lè mu wàrà tútù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń mu díẹ̀, ó ń lọ, ó ń padà. Ṣùgbọ́n fíríìjì tí kì í sinmi ló gbé ètò náà ró. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, wàrà kò ní tutù, kò sì ní gbóná. Ó máa wà ní àárín méjèèjì, ibẹ̀ gan-an sì ni kòkòrò àìfojúrí fẹ́ràn jù.

Ọmú kì í kan

Àárín yìí ló pa ọmọ ewúrẹ́ èṣí. Ìyá náà máa ń po mílíìkì gbogbo ọjọ́ láàárọ̀, á sì dà á sínú fúláàsì kó má bàa tutù. Ó ń gbà á lọ́wọ́ iṣẹ́, ọ̀pọ̀ abiyamọ sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tiwọn. Ṣùgbọ́n wàrà tó wà ní ìlọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí mẹ́jọ ti di ilé kòkòrò. Omi gbígbóná ni fúláàsì wà fún, kì í ṣe wàrà. Èyí tí ọmọ bá mu kù, dídànù ni.

Ìgò fúnra rẹ̀ ní ìṣòro tirẹ̀. Ọ̀rá àti èròjà amúaradàgbà inú wàrà máa ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Bí a bá kọ́kọ́ da omi híhó sí i, èròjà náà á dì mọ́ ara rẹ̀ bí ẹyin tó jinná. Ìdí nìyẹn tí fífọ̀ fi ní ètò.

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ọmọ bá mu tán, a ó fi omi tútù ṣan ìgò àti rọ́bà ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni omi gbígbóná, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì onírun tó ń dé ìsàlẹ̀ ìgò. A ó yọ rọ́bà, a ó yí inú rẹ̀ síta, a ó fọ kọ̀rọ̀ ibi tó ti ń wọ ìdérí. A ó tún fi omi mọ́mọ́ ṣan ọṣẹ kúrò. Lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ ó kéré tán, a ó sè wọ́n nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a ó ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó mu kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, a ó da ojú wọn dé orí ohun tó mọ́ kí afẹ́fẹ́ gbẹ wọ́n. A kì í fi aṣọ ìnulẹ̀ tàbí etí aṣọ nù wọ́n.

Imú àti ọwọ́ lè dá wa lóhùn bóyá ó mọ́. Bí ìgò gbígbẹ bá ń rùn kíkan, tàbí bí inú rẹ̀ bá ń yọ̀ bí ẹja, kò mọ́. Rọ́bà tó ti sán tàbí tó ti ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, kí á sọ ọ́ nù.

Ọmú kì í sáré

Ohun kẹta ni pé ọmú ń tú díẹ̀díẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà. Ọmọ ewúrẹ́ tó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ń mu ún ní ọ̀pọ̀ ìgbà lóòjọ́. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì péré, wàrà púpọ̀ á jókòó sínú ikùn, á máa hó, á sì fẹ́ ikùn náà. Ọmọ tó dára ní ìrọ̀lẹ́ lè kú kí ilẹ̀ tó mọ́, ikùn rẹ̀ á le bí ìlù.

Ìdámárùn-ún ìwọ̀n ara ni ọmọ ń mu lóòjọ́. Akọ tó wọn kílò 1.3 ń mu mìlílítà 260, abo tó wọn kílò 1.1 ń mu 220. Wọ́n pín in sí ọ̀nà márùn-ún: aago mẹ́fà àárọ̀, mẹ́wàá, méjì ọ̀sán, mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ àti mẹ́wàá alẹ́. Ó jẹ́ bíi mìlílítà 50 lẹ́ẹ̀kan. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń bù ú, ìwé kékeré kan sì wà lára ògiri tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ọmọ àgùntàn Òkè Ọya lè wúwo ju ìlọ́po méjì èyí lọ nígbà ìbí, nítorí náà òṣùwọ̀n ni kí á gbẹ́kẹ̀ lé. Kí a má fi ojú wọ̀n.

Mílíìkì tí a pèsè fún ọmọ àgùntàn àti ọmọ ewúrẹ́ ló dára jù, bí a bá rí i rà. Àkọlé ara àpò rẹ̀ ni kí á tẹ̀lé, nítorí pípo wọn yàtọ̀ síra. Ìyá Ìbàfò kò rí i. Ó lo mílíìkì lúbúlúbú tí wọn kò yọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò. Gíráàmù 13 ló ń wọ̀n sínú ìgò, á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ lù ú, á sì bù ú kún títí yóò fi pé àmì 100. Ìyẹn tó fún ọmọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Mílíìkì ṣíṣàn aládùn inú agolo, èyí tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, àti èyí tí wọ́n fi epo igi rọ́pò ọ̀rá rẹ̀, ó ní kí á fi wọ́n sílẹ̀ lórí àtẹ.

Bí ọmọ ṣe dúró nígbà tó ń mu ún ṣe pàtàkì bí ohun tó ń mu. Ṣàkì tí a ń jẹ nínú ọbẹ̀ ni ikùn tó tóbi jù lára ẹran, kì í ṣe ibẹ̀ ni wàrà ń lọ. Bí ọmọ bá dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, tó na ọrùn díẹ̀ sókè, tó sì ń fa ọmú, ọ̀nà kan máa ń di gọ́tà nínú rẹ̀, á gbé wàrà fo ṣàkì kọjá tààrà sí ikùn kẹrin. Bí a bá dà á sí i lẹ́nu nípá, tàbí tí a gbé e dùbúlẹ̀ lẹ́yìn bí ọmọ ènìyàn, wàrà lè bọ́ sínú ṣàkì kó sì rà níbẹ̀, tàbí kó gba ọ̀nà èémí lọ sínú fùkù.

Ihò rọ́bà ni kí á yẹ̀ wò. Bí a bá da ìgò dojú dé, wàrà gbọ́dọ̀ máa kán tó-tó-tó. Bí ó bá ń ṣàn, ihò ti fẹ̀ jù. Ọmọ tó ń húkọ́ nígbà tó ń mu, tàbí tí wàrà ń yọ ní imú rẹ̀, ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wa.

Ọmọ tí kò lè gbé orí dúró, tí ẹnu rẹ̀ tutù, tí tẹmọ́mítà ìdí rẹ̀ kò dé 37, kì í ṣe ẹni tí a ń fún ní wàrà. Gbígbóná ni kí á kọ́kọ́ mú un gbóná, nínú aṣọ gbígbẹ pẹ̀lú ìgò omi gbígbóná tí a wé, kí á sì pe dókítà ẹran.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìgbẹ́ abo yí padà. Ìgbẹ́ ọmọ tó ń mu wàrà máa ń pọ́n, á sì ki bí àkàrà tí a kò tíì dín. Eléyìí ṣàn bí omi, ó ń rùn, ìrù ọmọ náà sì tutù rinrin. Ìyá fa awọ ọrùn rẹ̀ sókè, awọ náà pẹ́ kó tó padà sílẹ̀. Omi ti ń tán lára rẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n wádìí. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ìyá lọ sí ibi ìsìnkú kan. Ẹni tó fi ilé sílẹ̀ fún tọ́jú wàrà aago mẹ́wàá sínú fúláàsì, ó sì fún wọn ní aago méjì. Ìgò ìrọ̀lẹ́, omi lásán ló fi ṣàn án.

Wọ́n fi omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, O.R.S., rọ́pò wàrà lẹ́ẹ̀mejì, lọ́wọ́ọ́wọ́ bí wàrà. Páálí kan sínú lítà kan, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀. Wọn kò pò ó mọ́ mílíìkì, nítorí wàrà kò ní dì dáadáa. Lẹ́yìn náà wọ́n dá wàrà padà, wọ́n sì ń fún un ní O.R.S. láàárín wàrà kan sí èkejì. Wọn kò jẹ́ kí ebi wàrà pa á ju ìyẹn lọ, nítorí ọmọ kékeré kò ní ọ̀rá tó lè fi gbé ọjọ́ kan. Dókítà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó kìlọ̀ pé bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tí ojú bá jìn wọlé, tàbí tí ọmọ bá kọ̀ láti fa ìgò, kí ẹnikẹ́ni má dúró di ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kọkànlá, abo náà ti ń sá kiri.

Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n ti gbé omi mímọ́, ewé agúnmániyè tútù àti èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ tí wọ́n rún sí iwájú wọn. Wọ́n kọ́kọ́ ń fi ṣeré lásán. Ṣùgbọ́n ewé ló ń jí ṣàkì dìde sí iṣẹ́. Wọn kò ní já wọn lẹ́nu wàrà kí wọ́n tó wúwo tó ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n ìbí wọn, kí wọ́n sì máa jẹ ewé, kí wọ́n máa mu omi dáadáa lójoojúmọ́. Ìyẹn máa ń tó oṣù méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Díẹ̀díẹ̀ ni wọn yóò máa dín in kù, wọn kò ní gé e lójijì.

Ní ọjọ́ tí a ṣe àbẹ̀wò kẹ́yìn, akọ wọn kílò 2, abo wọn kílò 1.7. Fídà méjì dojú dé orí àwo lẹ́bàá ààrò, wọ́n ti gbẹ. Fúláàsì wà níbẹ̀, omi nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ewúrẹ́ yín ń jẹ lẹ́bàá títì, ẹ má dúró di ọjọ́ tí ọmọ kan bá ṣẹ́kù sí yín lọ́wọ́. Ẹ ra tẹmọ́mítà kan àti búrọ́ọ̀ṣì ìgò kan kí ẹ tó ronú mílíìkì. Ẹ mọ aládùúgbò tí ewúrẹ́ rẹ̀ fẹ́ bímọ. Wákàtí mẹ́fà kì í pẹ́ pé.